Férémù ló ń pinnu lẹ́ńsì: bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ onígíláàsì wò

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Nọ́ńbà ojú mi jẹ́ -4.50 lọ́tùn-ún àti lósì, PD mi sì jẹ́ 62. Onígíláàsì kan ní kí n mú férémù taiténíọ̀mù kan tó gbayì (56□18 ni wọ́n kọ sí apá rẹ̀), pẹ̀lú lẹ́ńsì 1.67, AR, búlùú kọ́ọ̀tì, UV àti fótò. Ó tan lésà sí lẹ́ńsì náà lójú mi, iná náà ò kọjá. ₦340,000 ni gbogbo ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, àbí ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?*

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ fún yín látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti da ohun tó wúlò pọ̀ mọ́ èyí tí kò wúlò, ó sì dá iye kan lé gbogbo rẹ̀. Ẹ mú AR, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi bo lẹ́ńsì kó má bàa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ fi búlùú kọ́ọ̀tì, èyí tí wọ́n ní ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlùú, sílẹ̀. Ẹ má san owó ọ̀tọ̀ fún UV, ìyẹn dídí ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí. Fótò, lẹ́ńsì tó ń dúdú bó bá rí oòrùn, dọwọ́ yín. Ní ti 1.67, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló dé tí ojú yín fi nílò rẹ̀, nítorí férémù tó kì bọ̀ yín lọ́wọ́ gan-an ló fa ìnílò yẹn.

Ẹ wo 56□18 yẹn dáadáa. 56 ni fífẹ̀ ojú lẹ́ńsì kan ní mìlímítà, 18 sì ni àlàfo tó wà lórí imú láàárín méjèèjì. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 74 ni. Ìyẹn ni àlàfo láti àárín gbùngbùn ojú férémù kan dé àárín ìkejì. PD yín, ìyẹn àlàfo láàárín ọmọlójú yín méjèèjì, jẹ́ 62. Férémù náà fi mìlímítà 12 fẹ̀ ju ojú yín lọ, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹyinjú yín ò ní bọ́ sí àárín rárá, apá ibi imú ni yóò fì sí.

Lẹ́ńsì ẹni tí kò rí ọ̀nà jíjìn máa ń fẹ́lẹ́ láàárín, á sì máa nípọn sí i bó bá ṣe ń lọ sí etí. Nínípọn yẹn kì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ lásán: bí ẹ bá jìnnà sí àárín ní ìlọ́po méjì, ohun tó máa fi kún un á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń gé lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ gbé àárín rẹ̀ síwájú ọmọlójú yín, nítorí náà ó máa sún un wọlé ní mìlímítà 6. Etí òde á wá jìnnà sí àárín ní 28 àti 6, ìyẹn 34. Àwa onímọ̀ ojú máa ń fi ìṣirò yìí fojú bù ú:

`y² × F ÷ (2000 × (n − 1))`

`y` ni jíjìn etí sí àárín, `F` ni nọ́ńbà ojú láìka àmì ìyọkúrò, `n` ni ìńdẹ́ẹ̀sì lẹ́ńsì, nọ́ńbà tó ń sọ bí ike rẹ̀ ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó, ìyẹn 1.50 tàbí 1.67 tí wọ́n ń pè fún yín. Ohun tó bá jáde, ẹ fi nínípọn àárín kún un: bíi mìlímítà 2 fún lẹ́ńsì 1.50, díẹ̀ lé ní 1 fún àwọn tó ga jù ú lọ.

Nínú férémù 56□18 yẹn, etí òde lẹ́ńsì 1.50 máa tó mìlímítà 7.2. Ìyẹn nípọn púpọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e sójú. 1.67 máa já a sí nǹkan bíi 5.2. Ìdí nìyẹn tí onígíláàsì fi ń lé 1.67 fún yín. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ mú férémù 49□19. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 68, mìlímítà 3 péré ni wọ́n máa sún lẹ́ńsì wọlé, etí òde á sì jìnnà sí àárín ní 27.5. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú lẹ́ńsì 1.50 tó wọ́ pọ́ọ́kú: 5.4 ló máa jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 5.4 àti 5.2 kò tó nǹkan. Owó tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín lórí 1.67, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ẹ fi ń tún ohun tí férémù ńlá bàjẹ́ ṣe.

Bó bá jẹ́ èmi, 49□19 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn pẹ̀lú lẹ́ńsì 1.60 ni màá mú. Etí rẹ̀ á wà ní bíi 4.2, kò sì wọ́n tó 1.67. Àǹfààní mìíràn wà lára 1.60 tí wọn kì í sọ nílé ìtajà: àwọ̀ kì í tètè tú yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ létí ohun tí ẹ ń wò bíi ti 1.67, pàápàá bí ẹ bá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo lẹ́tà dúdú lórí pátákó funfun. Olùkọ́ ni yín, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ibì kan tún wà tí férémù ńlá ti lè kó bá yín. Bí ẹni tó gé lẹ́ńsì bá ya ọ̀lẹ, tó fi àárín lẹ́ńsì sílẹ̀ sí àárín férémù láìsún un, ẹ máa wo ohun gbogbo láti ibi tó fi mìlímítà 6 kúrò ní ọ̀nà. Fún nọ́ńbà yín, ìyẹn ń yí ìmọ́lẹ̀ dànù ní ìwọ̀n 2.7 lójú kan, 5.4 lójú méjèèjì, ní ìdiwọ̀n tí a ń pè ní písímù. Ọ̀nà tó sì ń yí i gbà ni pé ojú yín gbọ́dọ̀ yà síta kó tó lè pa àwòrán méjèèjì pọ̀. Ojú ọmọ ènìyàn rọrùn láti fà wọlé, kò rọrùn láti yà síta. Ẹ máa ní orí ń fọ́ yín, wọ́n á ní kí ẹ ṣe sùúrù, kó mọ́ yín lára. Kò ní mọ́ yín lára.

Ẹ lè fúnra yín wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á. Ẹ fi rúlà fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí bébà funfun, kí ìlà ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju lẹ́ńsì lọ. Ẹ gbé gíláàsì náà sókè bébà, bí ìwọ̀n apá kan, kí ẹ fi ojú kan wo ìlà náà gba inú lẹ́ńsì ọ̀tún. Ìlà tó wà nínú lẹ́ńsì máa dà bíi pé ó já kúrò lára èyí tó wà lóde. Ẹ máa sún gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà méjèèjì fi máa lọ tààrà, láìjá níbì kankan. Ibi tí wọ́n ti dábùú ara wọn nínú lẹ́ńsì nígbà yẹn ni àárín rẹ̀. Ẹ fi máákà tó ṣeé fọ̀ tọ́ka síbẹ̀. Ẹ ṣe ti òsì bákan náà, kí ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo àmì méjèèjì. 62 ló yẹ kó jẹ́. Bó fi mìlímítà kan yàtọ̀, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ 68 tàbí 70, kì í ṣe gíláàsì yín nìyẹn. (Lẹ́ńsì olójú kan ni mo ń sọ o. Bí ìyá yín bá ń lo èyí tó ń wo ọ̀nà jíjìn àti ìwé kíkà pọ̀ láìní ìlà, ọ̀nà mìíràn wà fún tirẹ̀: ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí àmì roboto kéékèèké méjì tí wọ́n fín sí ojú lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, mìlímítà 34 síra wọn. Lábẹ́ èyí tó wà lápá etí ni wọ́n ń fín nọ́ńbà ìwé kíkà sí, bíi 20 fún +2.00; lábẹ́ ti apá imú ni àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá ní Zeiss tàbí Varilux ni, tí kò sí àmì kankan níbẹ̀, kí ẹ dá a padà fún wọn.)

Taiténíọ̀mù ńkọ́? Ohun gidi ni. Ó fúyẹ́, òógùn kì í jẹ ẹ́, kì í sì í bá ara ẹni tí níkẹ́ẹ̀lì ń yún jà. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan án. Bó bá gbá férémù náà mú, irin lásán ni, kì í ṣe taiténíọ̀mù. Bí kò bá gbá a mú, ẹ má tíì yọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ irin tí kì í dípẹtà náà kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Àyẹ̀wò náà lè já irọ́, kò lè fìdí òótọ́ múlẹ̀. Ẹ wo inú apá férémù fún orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, nọ́ńbà àwòṣe, nọ́ńbà àwọ̀ àti ìwọ̀n, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà àwòṣe yẹn sórí ojú òpó ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà. Ayédèrú sábà máa ń ní nọ́ńbà tó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ tàbí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti ilé-iṣẹ́ mu. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ aṣọ tó wà létí rẹ̀ gbé yín lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Luxottica ti Ítálì, ló ra Ray-Ban ní 1999, ló ń ṣe férémù fún Prada àti Versace lábẹ́ àdéhùn, òun àti Essilor sì ti di ọ̀kan láti 2018. Kì í ṣe Prada ló jókòó dè yín pẹ̀lú òòlù.

Ohun tó ju orúkọ lọ ni bó ṣe jókòó. Ọ̀pọ̀ férémù alásitéètì, ìyẹn oníke, ni wọ́n gé fún imú tó ga tó sì tín-ínrín. Lórí imú tiwa, pẹ̀lú òógùn ọ̀sán Ìbàdàn, wọ́n á máa yọ̀ wálẹ̀. Bó bá sì ti yọ̀, àárín lẹ́ńsì ti kúrò níwájú ọmọlójú, gbogbo ìṣirò tí a ṣe lókè ti dòfo. Férémù onírin tó ní róbà kéékèèké lórí imú, tí wọ́n lè fi ẹ̀mú ṣí tàbí pa, ló bá ọ̀pọ̀ wa mu. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ wò nílé ìtajà, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Bí férémù bá gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sókè, ẹ dá a padà.

Ó wá kan ohun tí wọ́n ń fi bo ojú lẹ́ńsì. AR ni mo ní kí ẹ mú, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ojú lẹ́ńsì tí wọn ò fi nǹkan bo máa ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà. Lẹ́ńsì 1.50 ń dá bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún padà níwájú, ó tún ń dá irú rẹ̀ padà lẹ́yìn. Ti 1.67 lé ní 6 ní ojú kọ̀ọ̀kan, tó fi ń tó 12 lápapọ̀. Bí ìńdẹ́ẹ̀sì bá ṣe ga tó ni ìdápadà náà ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí 1.60 tàbí 1.67 tí kò ní AR kò fi yẹ ní rírà. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lálẹ́ á máa ṣe ìmọ́lẹ̀ kejì nínú lẹ́ńsì, ọmọ kíláàsì yín á sì máa rí fèrèsé dípò ojú yín. AR tó dára ń mú ìdápadà náà wá sí ìsàlẹ̀ ìdá kan.

Láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, ẹ dúró lábẹ́ gílóòbù kan, kí ẹ yí lẹ́ńsì títí ẹ ó fi rí àwòrán gílóòbù náà lójú rẹ̀. Ẹ máa rí méjì: ọ̀kan láti iwájú, ìkejì láti ẹ̀yìn. Bí méjèèjì bá ṣókùnkùn, tí wọ́n ní àwọ̀ ewéko tàbí àwọ̀ elésè àlùkò, AR wà lójú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá funfun tó ń tàn yòò, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi bò. Lẹ́yìn náà ẹ kán omi kan sí i. Lórí kótíǹgì tó dára, omi náà máa ṣù roboto, á sì yọ̀ dànù bí ẹ bá tẹ lẹ́ńsì. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ìpele òkè tó ń lé òróró àti omi. Ìka ọwọ́ yín á máa hàn lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Crizal ti Essilor, DuraVision ti Zeiss, àwọn ti Hoya: àwọn wọ̀nyí dára, mo sì máa ń kọ wọ́n fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí onígíláàsì bá kàn kọ «AR» sí rìsíìtì, ó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Lẹ́ńsì kì í wá láìní aṣọ. Inú àpò bébà ló ti ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́, wọ́n sì ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, ìńdẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà ojú àti irú kótíǹgì sára àpò náà. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹ máa gba àpò méjèèjì pẹ̀lú gíláàsì yín. Ẹni tó lo ojúlówó kò ní bínú sí i.

Ohun tó ń pa kótíǹgì ní ilẹ̀ wa ni ooru. Ike lẹ́ńsì máa ń wú bó bá gbóná, àwọn ìpele tó wà lójú rẹ̀ kò lè bá a wú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Kò sí ìfọ̀ tó lè mú un lọ. Ẹ má gbé gíláàsì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan eruku kúrò kí ẹ tó fi aṣọ kàn án.

Ní ti lésà yẹn, eré orí ìtàgé ni. Lésà tí wọ́n ń lò sábà máa ń jẹ́ ti 405 nánómítà, tí àwọ̀ rẹ̀ wà ní bèbè ibi tí ojú ti ń ríran mọ. Lẹ́ńsì búlùú kọ́ọ̀tì ń dí ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ búlùú tó ń jáde látinú fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ jù ní àyíká 450, èyí tí lẹ́ńsì náà ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó dí ohun tí fóònù yín kò fi bẹ́ẹ̀ ń tú jáde, ó jẹ́ kí èyí tó ń tú jáde kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ já a ní koro, ẹ ṣí ojú ewé funfun lórí fóònù yín, kí ẹ gbé lẹ́ńsì náà sórí ìdajì rẹ̀. Bó bá ń dí búlùú lóòótọ́, ìdajì yẹn á pọ́n bí omi ọsàn. Lẹ́ńsì tó fi hàn yín kò ní ju kó yí díẹ̀ lọ.

Àkójọ ìwádìí Cochrane tó jáde ní 2023, tó kó àyẹ̀wò 17 jọ, kò rí i pé lẹ́ńsì wọ̀nyí ń dín àárẹ̀ ojú kù ju lẹ́ńsì lásán lọ láàárín àkókò kúkúrú tí wọ́n fi dán an wò. Ní Bìrìtéènì, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn onígíláàsì bu owó ìtanràn £40,000 fún Boots Opticians ní 2017 lórí ìpolówó irú lẹ́ńsì yìí. Bí ojú bá ń ro yín nídìí kọ̀ǹpútà, ohun tó sábà ń fà á ni pé a kì í ṣẹ́jú tó bí a bá tẹjú mọ́ nǹkan, ojú á sì gbẹ.

UV kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́ńsì 1.60, 1.67 àti polikabọ́nétì ń dí ìtànṣán yẹn látinú ike wọn gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ń san owó kan náà bó bá tún kọ ọ́ lọ́tọ̀. 1.50 nìkan ni ó tọ́ láti béèrè nípa rẹ̀. Fótò náà: ìtànṣán UV yìí ló ń mú un dúdú, gíláàsì iwájú ọkọ̀ sì ń dí i, nítorí náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ dúdú bí ẹ bá ń wakọ̀. Kì í sì í dúdú tó bó ṣe yẹ nínú ooru. Bí ẹ bá ń rìn láàárín ọgbà ilé ìwé lọ́sàn-án, ó lè wúlò fún yín. Bó bá jẹ́ torí ìwakọ̀ ni, ẹ ra gíláàsì oòrùn lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo ara ògiri fún ìwé àṣẹ ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ ODORBN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn dókítà ojú àti onígíláàsì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí wọ́n wá kọ ọ́ sí rìsíìtì báyìí: orúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ́ńsì, ìńdẹ́ẹ̀sì 1.60, orúkọ AR, PD 62, àti oṣù tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ kótíǹgì. Bí ẹ bá gbà á, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ojú mìíràn, kí wọ́n fi lẹ́ńsìmítà, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà lẹ́ńsì, wò ó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àṣìṣe tí ìlànà gbà fún nọ́ńbà yín kò ju 0.13 lọ, nítorí náà -4.25 ti kọjá ààlà. Ẹ̀rọ yẹn kò lè sọ ìńdẹ́ẹ̀sì fún yín, ṣùgbọ́n kálípà lè tú u fó: ẹ fi wọn etí òde níbi tó nípọn jù, kí ẹ fi wé ìṣirò òkè. Bí wọ́n bá ní 1.60 ni nínú 49□19, tí kálípà sì ka 5.5, ó jọ pé lẹ́ńsì 1.50 ni wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì tún un ṣe láìgba owó míì.